Bí Àròpọ̀ Méjì Bá Gúnlẹ̀, Ṣé Àròpọ̀ Ìlọ́po Wọn Náà Yóò Gúnlẹ̀?

Ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde nínú ìdánwò àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní fásitì. Wọ́n á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀wọ́ nọ́ńbà méjì tí kò lópin: a₁, a₂, a₃, … àti b₁, b₂, b₃, … Gbogbo nọ́ńbà inú wọn ló ju òdo lọ. Wọ́n á ní bí a bá ro àwọn a pọ̀, àpapọ̀ wọn ní ibi tó ń dúró sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn b. Wọ́n á wá ní kó mú wọn ní méjì méjì, kó fi a₁ lọ́po b₁, kó fi a₂ lọ́po b₂, kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, kó sì ro gbogbo èyí tó rí pọ̀. Ṣé àròpọ̀ tuntun yìí, a₁b₁ + a₂b₂ + a₃b₃ + …, náà ní ibi tí yóò dúró sí?

Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà gbogbo ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á ní kó fi òfin àìdọ́gba Cauchy-Schwarz dá ẹjọ́ náà. Ẹni tó bá tẹ̀lé òfin yìí dé ìdí rẹ̀ yóò rí i pé ohun tí ìbéèrè náà fi lélẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ. Ohun tó ń mú kí àròpọ̀ ìlọ́po dúró kéré sí i, ó sì bo ọ̀pọ̀ ọ̀wọ́ tí ìbéèrè náà kò dárúkọ.

Kí ni kí àròpọ̀ gúnlẹ̀?

Ẹ mú odidi iṣu kan. Ẹ gé ìdajì rẹ̀ fún ẹni àkọ́kọ́, ẹ gé ìdajì ohun tó kù fún ẹnì kejì, kí ẹ gé ìdajì ohun tó tún kù fún ẹnì kẹta, kí ẹ máa gé e lọ. Bó ti wù kí àwọn tó tò síbẹ̀ pọ̀ tó, iṣu kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń pín. Ohun tí wọ́n gbà lápapọ̀ lè súnmọ́ odidi iṣu bí ẹ bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kò lè kọjá rẹ̀. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

1/2 + 1/4 + 1/8 + 1/16 + … = 1

Àròpọ̀ bẹ́ẹ̀ la ń sọ pé ó gúnlẹ̀, 1 ló sì gúnlẹ̀ sí.

Kì í ṣe gbogbo àròpọ̀ tí nọ́ńbà inú rẹ̀ ń kéré sí i ló ń gúnlẹ̀. Ẹ wo 1 + 1/2 + 1/3 + 1/4 + … Bí a bá ro 1/3 àti 1/4 pọ̀, wọ́n ju 1/2 lọ. Bí a bá ro mẹ́rin tó tẹ̀lé wọn pọ̀, láti 1/5 dé 1/8, àwọn náà ju 1/2 lọ, nítorí 1/8 ló kéré jù nínú wọn, 1/8 mẹ́rin sì ti jẹ́ 1/2. Mẹ́jọ tó tẹ̀lé ìyẹn tún ju 1/2 lọ. Ìdajì kò ní yéé wọlé, àpapọ̀ náà kò sì ní yéé ga. Nicole Oresme, àlùfáà ará Faransé, ti fi èyí hàn láti ọ̀rúndún kẹrìnlá.

Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé nípa àwọn nọ́ńbà tó ju òdo lọ. Gbogbo ìgbà tí a bá fi ọ̀kan kún àpapọ̀, àpapọ̀ náà á ga sí i. Kò ní padà sẹ́yìn láé. Nítorí náà, ọ̀nà méjì péré ló wà fún un: yálà kó máa ga lọ láìlópin, tàbí kó ní ààlà tí kò lè kọjá. Bí ẹ bá ti rí ààlà kan, kódà kó jìnnà sí ibi tí àpapọ̀ náà yóò dúró sí gan-an, ẹjọ́ ti parí. Àròpọ̀ náà gúnlẹ̀. Ààlà yìí ni a ó máa wá láti ìsinsìnyí lọ.

Ọ̀nà àbùjá

Ọ̀nà kan wà tí kò nílò òfin ńlá kankan. Bí àròpọ̀ àwọn a bá gúnlẹ̀, àwọn a fúnra wọn gbọ́dọ̀ máa súnmọ́ òdo. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àpapọ̀ wọn yóò máa ga lọ ni. Ìyẹn ni pé ibì kan wà lórí ìlà tí kò tún ní sí a kankan tó tó 1 mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, bí a bá fi aₙ lọ́po bₙ, ohun tí a ó rí kò ní tó bₙ. Àpapọ̀ àwọn b sì ní ààlà, torí náà àpapọ̀ àwọn tó kéré sí wọn gbọ́dọ̀ ní ààlà. Àwọn díẹ̀ tó wà níwájú, kí a tó dé ibẹ̀, níye. Wọn kò lè sọ ohun tó ní ààlà di aláìláàlà.

Òótọ́ ni gbogbo èyí, ó sì kúrú. Ohun tí kò lè ṣe ni kó sọ fún wa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan nínú méjèèjì, tàbí méjèèjì pàápàá, kò bá gúnlẹ̀. Ibi tí Cauchy-Schwarz ti wúlò nìyẹn.

Òfin náà gan-an

Augustin-Louis Cauchy, tí à ń pè ní Kóṣì, jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní École Polytechnique ní Paris. Ní ọdún 1821, ó tẹ ìwé kan jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, *Cours d'analyse*. Nínú ìwé yìí ló ti tẹnu mọ́ ọn pé àròpọ̀ aláìlópin tí kò bá gúnlẹ̀ kò ní iye kankan tí a lè pè ní tirẹ̀. Nínú àwọn àlàyé tó fi kún ẹ̀yìn ìwé náà ni òfin tí a ń sọ yìí wà. Viktor Bunyakovsky ní Rọ́ṣíà gbé irú rẹ̀ mìíràn jáde ní 1859, Hermann Schwarz ará Jámánì sì tún dé ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀rúndún kan náà. Báyìí ló ṣe lọ:

(a₁b₁ + a₂b₂ + … + aₙbₙ)² ≤ (a₁² + a₂² + … + aₙ²)(b₁² + b₂² + … + bₙ²)

Àmì 2 kékeré tó wà lókè nọ́ńbà túmọ̀ sí pé kí a fi nọ́ńbà náà lọ́po ara rẹ̀. A ó máa pe ohun tí a bá rí níbẹ̀ ní ìlọ́po-ara. Ohun tí òfin náà ń wí ni pé bí ẹ bá ro àwọn ìlọ́po méjì méjì pọ̀, tí ẹ sì wá ìlọ́po-ara àpapọ̀ náà, kò lè ju àpapọ̀ ìlọ́po-ara àwọn a lọ́nà àpapọ̀ ìlọ́po-ara àwọn b lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà kékeré dán an wò. Kí àwọn a jẹ́ 1 àti 2, kí àwọn b jẹ́ 3 àti 1. Ní ọwọ́ òsì, 1 lọ́nà 3 jẹ́ 3, 2 lọ́nà 1 jẹ́ 2, àpapọ̀ wọn jẹ́ 5. Ìlọ́po-ara rẹ̀ jẹ́ 25. Ní ọwọ́ ọ̀tún, 1 + 4 jẹ́ 5, 9 + 1 jẹ́ 10. 5 lọ́nà 10 jẹ́ 50. Ọwọ́ ọ̀tún fi 25 ju ọwọ́ òsì lọ.

25 tó fi jù ú lọ yìí kì í ṣe èèṣì. Ẹ fi a àkọ́kọ́ lọ́po b kejì, ẹ rí 1. Ẹ fi a kejì lọ́po b àkọ́kọ́, ẹ rí 6. Ẹ yọ 6 kúrò nínú 1, ẹ rí −5. Ìlọ́po-ara −5 ni 25. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn fún nọ́ńbà yòówù tí ẹ bá mú:

(a₁² + a₂²)(b₁² + b₂²) − (a₁b₁ + a₂b₂)² = (a₁b₂ − a₂b₁)²

Ẹni tó bá tú àwọn àkámọ́ yìí palẹ̀ lórí ìwé yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bára mu. Ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ ìlọ́po-ara, kò sì sí ìlọ́po-ara tó lè bọ́ sí abẹ́ òdo. Ìdí nìyẹn tí òfin náà kò fi lè yẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ju méjì méjì lọ, ohun kan náà ni: ìyàtọ̀ náà yóò jẹ́ àpapọ̀ irú ìlọ́po-ara bẹ́ẹ̀, ọ̀kan fún ipò méjì yòówù tí a bá mú lórí ìlà. Ìyàtọ̀ náà á di òdo nígbà tí àwọn b bá ń tẹ̀lé àwọn a ní ìwọ̀n kan náà, bí 1 àti 2 pẹ̀lú 3 àti 6: 15 lọ́nà 15 jẹ́ 225, 5 lọ́nà 45 náà sì jẹ́ 225.

Ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò

Ẹ padà sí ìbéèrè wa. A mọ̀ pé àròpọ̀ àwọn a gúnlẹ̀, ti àwọn b náà sì gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí òfin Cauchy-Schwarz ti mẹ́nu ba àpapọ̀ àwọn a; àpapọ̀ ìlọ́po-ara wọn ló ń sọ. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé àpapọ̀ ìlọ́po-ara yìí náà ní ààlà. Ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú ti máa ń pàdánù máàkì, torí á kọ òfin náà sílẹ̀, á sì sáré parí rẹ̀ bí ẹni pé ohun kan náà ni méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ náà kò le. A ti sọ pé láti ibì kan lọ, kò sí a tó tó 1 mọ́. Nọ́ńbà tó wà láàárín òdo àti 1, bí ẹ bá fi lọ́po ara rẹ̀, ńṣe ló ń kéré sí i: ìlọ́po-ara 1/2 jẹ́ 1/4, ti 1/10 jẹ́ 1/100. Torí náà láti ibẹ̀ lọ, aₙ² kéré sí aₙ. Bí àpapọ̀ àwọn a bá ní ààlà, ti ìlọ́po-ara wọn gbọ́dọ̀ ní ààlà. Ẹ jẹ́ ká pe ibi tí àpapọ̀ ìlọ́po-ara àwọn a gúnlẹ̀ sí ní A, ká pe ti àwọn b ní B.

Ó kù ká lo òfin náà, ṣùgbọ́n ká lò ó fún ìwọ̀nba nọ́ńbà tó níye, láti ipò kìíní dé ipò n. Ọwọ́ ọ̀tún kò lè ju A lọ́nà B lọ, bó ti wù kí n tóbi tó. Nítorí náà:

a₁b₁ + a₂b₂ + … + aₙbₙ ≤ √(AB)

√ ni àmì gbòǹgbò: nọ́ńbà tí a ó fi lọ́po ara rẹ̀ kí a tó rí èyí tó wà nínú rẹ̀. Ààlà tí a ń wá ti dé, àròpọ̀ ìlọ́po náà sì gúnlẹ̀. Ẹ kíyè sí ìdí tí a kò fi kọ àròpọ̀ aláìlópin sí ọwọ́ òsì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ ti gbà pé ó ní iye, bẹ́ẹ̀ bó bá ní iye tàbí kò ní gan-an ni wọ́n ń bi í.

Ká fi iye sí i

Ẹ jẹ́ kí àwọn a jẹ́ 1/2, 1/4, 1/8, … kí àwọn b sì jẹ́ 1/3, 1/9, 1/27, … Òfin kékeré kan wà tí yóò ràn wá lọ́wọ́. Fún odidi nọ́ńbà k yòówù tó bá ju 1 lọ, 1/k + 1/k² + 1/k³ + … gúnlẹ̀ sí 1/(k−1). Àròpọ̀ àwọn a jẹ́ 1, ti àwọn b jẹ́ 1/2.

Àwọn ìlọ́po wọn ni 1/6, 1/36, 1/216, … Òfin kékeré yẹn sọ pé àpapọ̀ wọn yóò jẹ́ 1/5, ìyẹn 0.2. Ẹ lè fi ẹ̀rọ ìṣirò wò ó: mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ti jẹ́ nǹkan bí 0.1998.

Ìlọ́po-ara àwọn a ni 1/4, 1/16, 1/64, … àpapọ̀ wọn jẹ́ 1/3. Ìlọ́po-ara àwọn b ni 1/9, 1/81, … àpapọ̀ wọn jẹ́ 1/8. 1/3 lọ́nà 1/8 jẹ́ 1/24, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 0.2041. Ibi tí àròpọ̀ náà gúnlẹ̀ sí jẹ́ 0.2, ààlà tí Cauchy-Schwarz fún wa sì jẹ́ 0.2041: díẹ̀ báyìí ló wà láàárín wọn. Ẹni tó bá kàn fi odidi àpapọ̀ kìíní lọ́po èkejì, 1 lọ́nà 1/2, yóò rí ààlà tirẹ̀ náà, torí gbogbo ìlọ́po wa wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ mìíràn tí a kò nílò. Àmọ́ 0.5 ni yóò rí, èyí tó ju ìlọ́po méjì ohun tó yẹ lọ.

Nígbà tí ọ̀kan kò gúnlẹ̀

Ẹ wo ohun tí ẹ̀rí wa lò dáadáa. Lẹ́yìn tí a ti rí A àti B, a kò tún bèèrè àpapọ̀ àwọn a tàbí ti àwọn b mọ́. Ìlọ́po-ara nìkan ló ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí àwọn a fúnra wọn kò bá tilẹ̀ gúnlẹ̀, kò burú, bí ìlọ́po-ara wọn bá ṣáà ti gúnlẹ̀.

1, 1/2, 1/3, 1/4, … jẹ́ irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀. A ti rí i pé àpapọ̀ wọn ń ga lọ láìlópin. Ṣùgbọ́n ìlọ́po-ara wọn ni 1, 1/4, 1/9, 1/16, … 1/4 kò tó 1 − 1/2, 1/9 kò tó 1/2 − 1/3, 1/16 kò tó 1/3 − 1/4. Bí a bá ro àwọn ìyọkúrò yìí pọ̀, ohun tí a yọ lápá kan padà wọlé lápá kejì, tí gbogbo rẹ̀ kò fi lè ju 1 lọ. Bí a bá fi 1 àkọ́kọ́ kún un, àpapọ̀ ìlọ́po-ara náà kò lè tó 2. Leonhard Euler ló wá rí ibi tó gúnlẹ̀ sí gan-an ní ọ̀rúndún kejìdínlógún: π²/6, nǹkan bí 1.645.

Ìbéèrè kan tí àwọn tó ń kọ́ ìṣirò mọ̀ dáadáa ti inú èyí jáde. Bí àròpọ̀ àwọn a tó ju òdo lọ bá gúnlẹ̀, ṣé àròpọ̀ √a₁/1 + √a₂/2 + √a₃/3 + … yóò gúnlẹ̀? Ọ̀nà àbùjá wa kò lè dá a lóhùn, torí gbòǹgbò nọ́ńbà tó kéré sí 1 ń tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Àpapọ̀ àwọn gbòǹgbò lè ga lọ láìlópin, ti 1/n sì ń ga lọ láìlópin dájúdájú. Ṣùgbọ́n ẹ fi òfin Cauchy-Schwarz wò ó. Ìlọ́po-ara √aₙ ni aₙ, àròpọ̀ wọn sì gúnlẹ̀. Ìlọ́po-ara 1/n ni 1/n², àròpọ̀ tiwọn náà gúnlẹ̀. Ó tán: àròpọ̀ ìlọ́po wọn gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀.

Kí àwọn a jẹ́ 1/2, 1/4, 1/8, … bíi ti àtẹ̀yìnwá, kí a wo bí ààlà náà ṣe rí. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 1, torí náà ààlà wa ni gbòǹgbò 1.645, nǹkan bí 1.283. Márùn-ún àkọ́kọ́ nínú àròpọ̀ náà jẹ́ 0.707, 0.25, 0.118, 0.0625 àti 0.035, wọ́n jọ jẹ́ nǹkan bí 1.173. Ibi tí gbogbo rẹ̀ gúnlẹ̀ sí nígbẹ̀yìn jẹ́ nǹkan bí 1.228.

Ibi tí òfin náà ti ń dákẹ́

Ìbéèrè wa sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gbogbo nọ́ńbà náà ju òdo lọ. Ẹni tó bá yọ ìyẹn kúrò yóò rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ mú ọ̀wọ́ yìí:

1, −1/√2, 1/√3, −1/√4, …

Bí a bá ń rò wọ́n pọ̀, àpapọ̀ yóò lọ síwájú, yóò padà sẹ́yìn, ìṣísẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa kúrú sí i títí yóò fi gúnlẹ̀ sí nǹkan bí 0.605. Kí àwọn a àti àwọn b jẹ́ ọ̀wọ́ kan náà yìí. Àròpọ̀ méjèèjì gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo lọ́po ara rẹ̀, èyí tó wà lókè òdo la ó rí. Àwọn ìlọ́po náà yóò di 1, 1/2, 1/3, 1/4, … àròpọ̀ tí Oresme ti fi hàn pé kò ní ààlà.

Cauchy-Schwarz kò tàn wá jẹ níbí. Òfin náà wà bákan náà fún nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ní ààlà, torí náà kò ṣèlérí ohunkóhun. Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ni ìgbésẹ̀ tí a ní ọ̀pọ̀ ń fò: pé bí àwọn a bá gúnlẹ̀, ìlọ́po-ara wọn yóò gúnlẹ̀. Ìgbésẹ̀ yẹn dúró lórí pé gbogbo nọ́ńbà ju òdo lọ. Nínú ọ̀wọ́ yìí, iwájú àti ẹ̀yìn tó ń pa ara wọn rẹ́ ló jẹ́ kó gúnlẹ̀. Ìlọ́po-ara sì máa ń pa àmì àyọkúrò rẹ́.

Ẹ má sì ṣe rò pé bí òfin náà bá dákẹ́, ó ti sọ pé rárá. Kí àwọn a jẹ́ 1/2, 1/4, 1/8, … kí gbogbo b jẹ́ 1. Àpapọ̀ ìlọ́po-ara àwọn b ń ga lọ láìlópin, síbẹ̀ àròpọ̀ ìlọ́po gúnlẹ̀ sí 1, torí àwọn a fúnra wọn ni. Kí ìlọ́po-ara méjèèjì gúnlẹ̀ tó láti mú kí ìlọ́po gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan.

Nítorí náà, ẹni tó bá bá ìbéèrè yìí pàdé, kó kọ́kọ́ wo àmì tó wà níwájú àwọn nọ́ńbà náà. Bí gbogbo wọn bá ju òdo lọ tí àròpọ̀ méjèèjì sì gúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì ju ìlà díẹ̀ lọ. Bí àmì bá dàpọ̀, tàbí tí ọ̀kan nínú àròpọ̀ méjèèjì kò bá gúnlẹ̀, kó ro ìlọ́po-ara ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀. Bí méjèèjì bá ní ààlà, òfin Cauchy-Schwarz ti dáhùn, ó sì ti fún un ní nọ́ńbà tí àpapọ̀ náà kò lè kọjá. Bí ọ̀kan kò bá ní ààlà, kó wá ọ̀nà mìíràn, kó má sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òfin náà ní kò gúnlẹ̀.